Ìrìn Àjò Ìyá Opó Dé Ìdí Owó Orí Fóònù

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa

Ní ìpàdé tó kọjá, a sọ pé a fẹ́ máa fi owó ìrànlọ́wọ́ àwọn opó ránṣẹ́ sínú àpò owó orí fóònù wọn, dípò kí á máa dì í sínú àpòòwé. Ẹ rán ìgbìmọ̀ wa pé kí á lọ wò ó bóyá yóò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Iṣẹ́ tí ẹ rán wa ni mo wá jẹ́.

Ọ̀nà tí a gbà ṣe é ni kí á ya àwòrán ìrìn àjò ẹnì kan tí kò lo owó orí fóònù rí. A mú páálí ńlá kan, a fa ìlà gbọọrọ láti òsì sí ọ̀tún, a sì kọ ìgbésẹ̀ márùn-ún sórí rẹ̀: ọjọ́ tó gbọ́, ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀, ọjọ́ tí owó wọlé, ọjọ́ tó gba owó náà sọ́wọ́, àti ọjọ́ kejì rẹ̀. Lábẹ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a fi àyè sílẹ̀ fún ohun mẹ́ta: ohun tó ṣe, ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, àti ibi tí ìnira wà.

Òfin kan ni a fi de ara wa. Ohun tí a fojú rí tàbí tí a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìkan ni a óò fi yíǹkì kọ. Ohun tí a bá rò ní ọkàn tiwa, pẹ́ńsù ni a óò fi kọ ọ́, títí a ó fi rí ẹ̀rí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwòrán ìrìn àjò tiwa la óò yà, kì í ṣe tirẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta ata, opó ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ti dolóògbé, gbà kí á máa tẹ̀ lé òun. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ló ní. A bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe bí ẹni pé a kò sí níbẹ̀, a kò sì ràn án lọ́wọ́ níbi kankan, àfi bí owó rẹ̀ bá fẹ́ bọ́ sínú ewu.

Ọjọ́ tó gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Akọ̀wé sọ fún un pé kó lọ bá ẹ̀jẹ́ǹtì tó wà nítòsí, kó ní kó ṣí àpò fún òun. Kò sí ohun mìíràn tí akọ̀wé sọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, n óò padà síbẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ó dé ìsọ̀ ẹ̀jẹ́ǹtì. Ẹ̀jẹ́ǹtì béèrè nọ́mbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ìyá kò sì mú un wá. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ́ǹtì ń fi owó dí i lọ́nà. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti pàṣẹ ní ìparí ọdún 2023 pé láti oṣù kẹta ọdún 2024, owó kò gbọdọ̀ jáde nínú àpò tí kò bá ní nọ́mbà ìdánimọ̀ tàbí nọ́mbà báńkì lára. Ìyá pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lórí fóònù, ọmọ sì ka nọ́mbà tirẹ̀ fún ẹ̀jẹ́ǹtì, nítorí orúkọ ọmọ yìí ni wọ́n fi ra síìmù ìyá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ́ǹtì fi í ṣí àpò. Ó tún bá ìyá yan nọ́mbà àṣírí: ọdún tí wọ́n bí i. Ìyá bọ́ síta, ó ní, “Ó ti parí, kò le rárá.” Inú àwa náà dùn. A kò kọ ìnira kankan sí ìgbésẹ̀ yìí.

Ọjọ́ tí akápò fẹ́ fi owó ránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìṣòro àkọ́kọ́ kéré: nọ́mbà mọ́kànlá ni ìyá fún un, bí nọ́mbà fóònù ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni báńkì akápò ń béèrè mẹ́wàá. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ owó orí fóònù níbí, nọ́mbà fóònù láìsí òdo iwájú ni nọ́mbà àpò. Akápò yọ òdo, orúkọ oní-nǹkan sì yọ lójú fóònù rẹ̀. Orúkọ ọmọkùnrin náà ni! Akápò dúró, kò fi owó ránṣẹ́. Ó ṣe dáadáa. Àpò tí ìyá ń pè ní tirẹ̀, tirẹ̀ kọ́ lójú ilé iṣẹ́. Bí síìmù náà bá sọnù, ọmọ nìkan ló lè gba òmíràn. Bí ìjà bá sì dé láàárín wọn, owó opó ti di owó ọmọ.

Ẹ̀yin ará, ibí ni ẹ̀kọ́ àwòrán yìí wà. Ìgbésẹ̀ kẹta ni ìnira ti fojú hàn, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kìíní ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwa fúnra wa kò béèrè pé orúkọ ta ni síìmù yín wà. Bí a bá kàn kọ “ìṣòro ìfowóránṣẹ́” sábẹ́ ìgbésẹ̀ kẹta, akápò la óò máa bá wí lásán. Nítorí náà, a fi yíǹkì pupa fa ọfà láti ibi tó ti dùn ún padà sí ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Ìyá ra síìmù mìíràn ní orúkọ ara rẹ̀, ó sì ṣí àpò tuntun. Akápò fi ₦10,000 ránṣẹ́. Nígbà tí ìyá lọ gbà á, ó na fóònù sí ẹ̀jẹ́ǹtì, ó sì pariwo nọ́mbà àṣírí rẹ̀ létí àwọn tó dúró. A bi í léèrè lẹ́yìn náà. Ó ní, “Ṣebí òun náà ló bá mi yàn án, ta ni mo wá ń fi pamọ́ fún?” Ẹ tún rí i: ìgbésẹ̀ kejì ni èyí náà ti wá.

₦9,800 ni ẹ̀jẹ́ǹtì kà fún un. Kò sọ fún un ṣáájú pé òun yóò gba ₦200, kò sì kọ ọ́ sára ìsọ̀. Ìyá kò bá a jà. Ọjọ́ kejì ló tó sọ fún wa pé, “Ẹgbẹ́ yọ nínú owó ọkọ mi.” Àwa ló ń bínú sí, kì í ṣe ẹ̀jẹ́ǹtì. Bí a kò bá padà lọ lọ́jọ́ kejì, a kì bá tí mọ̀.

Àbá mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ gbé wá. Kí akọ̀wé béèrè nípa síìmù àti nọ́mbà ìdánimọ̀ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ bá opó sọ̀rọ̀. Kí obìnrin kan nínú wa bá a lọ forúkọ sílẹ̀, kí ó rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló tẹ nọ́mbà àṣírí, láìjẹ́ ọdún ìbí. Kí ẹgbẹ́ fi owó ẹ̀jẹ́ǹtì kún owó ìrànlọ́wọ́, kí á sì sọ iye rẹ̀ fún un ṣáájú.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan péré la tẹ̀ lé. Àwòrán yìí sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, kò sọ iye opó tí yóò ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó ń lo fóònù ńlá, tàbí ẹni tí ojú ń dùn, yóò ní ìrìn àjò tirẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún wa láyè láti tẹ̀ lé márùn-ún sí i kí á tó dá àpòòwé dúró. Páálí náà wà lára ògiri, ẹ lọ wò ó.