Kíka Ìwé Ara Ẹrù Láti Inú Fọ́tò



Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan nínú kíláàsì wa níhìn-ín ní Ìlemọnà mú fóònù wá. Ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹrù ránṣẹ́ sí i ní pósọ́fíìsì, ó sì ya fọ́tò ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí náà. Ìyá ṣe àdàkọ nọ́ńbà ẹrù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù láti wá ẹrù náà, wọn kò rí i. Ẹ jẹ́ ká jọ ka fọ́tò náà.

Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ má mú èyí tó wà lókè nítorí pé ó wà lókè. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú rẹ̀: FROM ni ẹni tó fi ránṣẹ́, TO ni ẹni tí yóò gbà á. Lábẹ́ TO ni ìyá wa wà.

Ìlà mẹ́rin tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀. Èkíní ni C/O àti orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ìyẹn ni pé ilé-ẹ̀kọ́ náà ni yóò bá a gba ẹrù. Èkejì ni ILEMONA. Ẹ̀kẹta ni VIA OFFA, nítorí ẹrù yóò gba Ọ̀fà kọjá. Ẹ̀kẹrin ni KWARA STATE, NIGERIA. Ẹ kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀. Bí ẹ bá kó Ìlemọnà àti Ọ̀fà sí ìlà kan ṣoṣo, ẹni tó ń ṣa ẹrù lè rò pé àdúgbò kan ní Ọ̀fà ni.

Ìwọ̀n rẹ̀ ni 2.350 kg. Àmì tó-tó yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nínú fọ́tò, ìyá sì ka kílò 2350. Mo ní, "Ìyá, àpò sìmẹ́ńtì 47 nìyẹn o!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kílò méjì àti gíráàmù 350 ni.

Ó wá ku nọ́ńbà. Ìyá kọ CP410825064GB. Nọ́ńbà pósọ́fíìsì tó ń ti ìlú kan dé ìlú mìíràn máa ń ní lẹ́tà méjì níwájú, nọ́ńbà mẹ́sàn-án láàárín, lẹ́tà méjì lẹ́yìn. Nítorí náà, ohun tó rí roboto láàárín, òdo ni, kì í ṣe lẹ́tà O. GB ni ìlú tí ẹrù ti wá.

Nọ́ńbà kẹsàn-án ni ẹlẹ́rìí. Ẹ mú mẹ́jọ àkọ́kọ́, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ ní 8, 6, 4, 2, 3, 5, 9 àti 7, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ fi 11 pín in. Ẹ yọ ohun tó ṣẹ́ kù kúrò nínú 11. Bí ó bá jẹ́ 10, ẹ kọ 0. Bí ó bá jẹ́ 11, ẹ kọ 5.

Ti ìyá jẹ́ 127. Ó ṣẹ́ ku 6. 11 dín 6 jẹ́ 5. Ṣùgbọ́n 4 ló wà lórí ìwé! A tún fọ́tò náà fẹ̀ sí i. Ohun tó pè ní 8, 3 ni. Ìdọ̀tí ló dí ojú rẹ̀. A fi 3 ṣe é: 117, ó ṣẹ́ ku 7, 11 dín 7 jẹ́ 4. Ó bára mu.

Ìṣirò yìí kì í yẹ lẹ́tà wò o, ojú yín ni yóò ṣe ìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ akẹ́rù aládàáni sì ní ètò nọ́ńbà tiwọn, ẹ má fi èyí díwọ̀n wọn.

A tẹ nọ́ńbà tuntun náà sínú fóònù. Ẹrù ìyá ti kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù.