Ráútà tó ń kú, tó ń tún jí fúnra rẹ̀: Ẹ wo ooru, ṣájà àti ọjọ́ orí rẹ̀ kí ẹ tó ra òmíràn

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni mò ń ṣe ní Àbíjàn níbí. Ẹjọ́ kan tí ẹ máa ń gbé wá bá mi ni pé: "Íńtánẹ́ẹ̀tì ń lọ, ó ń bọ̀." Kí n tó dé, ẹ ti bú iléeṣẹ́ tó ń tà á fún yín, tàbí kí ẹ ti máa wá owó ráútà tuntun.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Àjàmé pè mí nínú oṣù Kẹta, nígbà tí ooru mú gan-an. Fóònù ni àwọn oníbàárà rẹ̀ fi ń sanwó. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ, kò ní rí i bóyá owó ti wọlé, oníbàárà á sì fi aṣọ sílẹ̀ lọ. Ó ní ó ń ṣẹlẹ̀ tó ìgbà márùn-ún lójúmọ́.

Ṣé ráútà ló kú, àbí ìlà ló já?

Ohun tí mo kọ́kọ́ wò nìyí. Ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ráútà sórí fóònù yín, níbi tí ẹ ti ń ṣí ojú òpó. Lórí ọ̀pọ̀ ráútà, `192.168.1.1` ni. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Uptime` sí, ìyẹn iye àkókò tí ẹ̀rọ náà ti wà ní títàn. Bí ó bá ka ọjọ́ mẹ́ta, tí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, ráútà kò kú. Ìlà ni kí ẹ bá iléeṣẹ́ yín sọ. Bí ó bá ka ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, ráútà ló kú tó tún jí.

Ti ìyá yìí ka ìṣẹ́jú mẹ́fà. Gílóòbù àti fáànù ṣọ́ọ̀bù kò sì ṣẹ́jú rárá, nítorí náà kì í ṣe iná ló lọ.

Ooru

Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni ráútà rẹ̀ wà, lórí dẹkódà, wọ́n sì tẹ́ aṣọ lé e. Ọ̀pọ̀ ráútà ilé ni wọ́n ṣe fún ibi tí ooru rẹ̀ kò kọjá 40°C. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n pa dé, ooru lè kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án. Àmì rẹ̀ ni pé ọ̀sán ni ráútà máa ń kú jù, kì í ṣe òwúrọ̀ kùtùkùtù.

A yọ ọ́ síta, a fi àyè sílẹ̀ yí i ká, a pa á, a sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku ojú ihò rẹ̀. Mo ní kí wọ́n má yí nǹkan mìíràn padà fún ọjọ́ méjì, ká lè mọ ohun tó ṣiṣẹ́. Ìgbà márùn-ún di méjì. Ooru wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá wà.

Ṣájà

Ara ráútà ni wọ́n kọ `12V 1.5A` sí. Ara ṣájà ni mo ti rí `12V 0.5A`. Ti àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, ọmọ rẹ̀ sì mú ti dẹkódà àtijọ́ kan kì í bọ̀ ọ́. Ẹnu rẹ̀ wọlé, iná sì tàn.

Ṣùgbọ́n bí fóònù tó ń lò ó bá ti pọ̀, ráútà á fa iná sí i, agbára ṣájà kò sì ní tó o. Nígbà tí mo yọ ṣájà náà sọ́tọ̀, mítà ka 12. Nígbà tí ráútà ń ṣiṣẹ́, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 9, ráútà sì kú lójú wa.

Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, nọ́ńbà tó ṣáájú `V` gbọ́dọ̀ bára mu gẹ́lẹ́. Ti `A` lè bára mu tàbí kó pọ̀ jù. Kò gbọdọ̀ kéré. Ráútà kì í fà ju ohun tó nílò lọ. Àwòrán `+` àti `-` tó wà lára méjèèjì náà gbọ́dọ̀ jọra. A ra `12V 2A`. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, `Uptime` ka ọjọ́ méje.

Ọjọ́ orí

Bí ẹ bá ṣe méjèèjì tí kò sì dá, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yà inú rẹ̀ ti gbó. Kapásítọ̀, tó dà bí agolo kékeré, ní omi nínú, ooru a sì máa gbẹ ẹ́. Bí ooru bá fi 10°C lé sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ máa ń dín sí bí ìdajì. Èyí tó ti bàjẹ́ lè wú lórí, tàbí kó máa jo omi aláwọ̀ ilẹ̀. Ráútà bẹ́ẹ̀ tún lè má tètè tàn láàárọ̀.

Kapásítọ̀ wà nínú ṣájà náà, nítorí náà ṣájà tí nọ́ńbà rẹ̀ tọ̀nà lè ti gbó. Ẹ yá òmíràn tó bára mu, kí ẹ fi dán an wò. Ẹ má tú ṣájà fúnra yín o: iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára ògiri. Bí ráútà bá jẹ́ ti iléeṣẹ́, ẹ má tú u, ẹ dá a padà fún wọn.

Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ wo ibi tí ráútà yín wà, kí ẹ sì ka ohun tó wà lára ṣájà rẹ̀.