Ta Ló Ń Gbé Ilé, Ta Ló Ń Ṣáàjì Bátìrì?
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn oníṣẹ́ iná àti àwọn onílé, ní ìlú Ìbàdàn

N kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ohun tí ìnfátà jẹ́. Èyí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ní ṣáájà nínú, ó sì ní ojú tí iná sólà ń gbà wọlé. Ojú kan ṣoṣo ló ní fún iná tó ń bọ̀ láti ìta. Ibẹ̀ ni ṣenjófà ń já NEPA sí, ibẹ̀ náà ló ń já jẹnẹrétọ̀ sí, ìnfátà kò sì mọ èwo nínú wọn ló dé.

Ìbéèrè méjì ni ìnfátà ń bi yín nínú ètò rẹ̀. Lórí èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ yín, ìkíní wà ní nọ́ńbà 01: ta ni yóò gbé ilé? Ìkejì wà ní nọ́ńbà 16: ta ni yóò ṣáàjì bátìrì? Ẹni tó ń dáná nílé lè má jẹ́ ẹni tó ń pọnmi. Ní 01, UTI, tí àwọn tuntun ń kọ ní USB, ń fi iná ìta ṣáájú. SBU ń fi sólà ṣáájú, bátìrì tẹ̀ lé e, iná ìta gbẹ̀yìn. Ní 16, OSO ni sólà nìkan. CSO ni kí sólà ṣáájú, kí iná ìta ṣáàjì nígbà tí kò bá sí oòrùn. SNU ni kí àwọn méjèèjì jọ máa ṣáàjì.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti apá kan nínú ẹ̀yin oníṣẹ́ ti ń fa ọ̀rọ̀ 01 yìí mọ́ ara wa lọ́wọ́. Ẹ ní UTI ni kí a fi sí i, kí bátìrì má baà tètè gbó. Mo mọ ibi tí ẹ ti rí i. Nígbà tí àwa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bátìrì olómi là ń lò. Ẹni tó bá ń fà á dé ìsàlẹ̀ lálaalẹ́, kì í pẹ́ tí yóò fi ra òmíràn. Iná NEPA kò sì wọ́n, bí ó bá wà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé bátìrì wà fún ọjọ́ tí NEPA bá múná lọ, òótọ́ ló sì ń sọ nígbà náà.

Àmọ́ bátìrì tó wà nílé àwọn oníbàárà yín báyìí, lítíọ́ọ̀mù ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni wọ́n ṣe é láti kún kó sì tún fà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn tó wà ní Báǹdì A gbọ́ pé yúnìtì kan di ₦225, nígbà tí kò tó ₦70 tẹ́lẹ̀. Ẹ wá fi ilé bẹ́ẹ̀ sí UTI. Ní aago méjìlá ọ̀sán, bátìrì ti kún, oòrùn ń ràn, ilé ń lo 600 wáàtì, ẹ wo ojú ìnfátà: ohun tí pánẹ́ẹ̀lì ń mú wá kò ju díẹ̀ lọ, nítorí kò rí ibi gbé e sí. Mítà sì ń sáré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ yé ṣe èyí fún àwọn ènìyàn.

Apá kejì ní kí a fi SBU sí i, kí a sì máa lọ. Wọ́n sún mọ́ òtítọ́ ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n dúró sí gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé kan ní Akóbọ̀, torí gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló pé síbẹ̀.

Bàbá kan àti ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà oní-550 wáàtì, ìnfátà 5 kílówáàtì, bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan tó gba nǹkan bíi 5 kílówáàtì-wákàtí, jẹnẹrétọ̀ epo bẹntiróòlù tó lè gbé 2,500 wáàtì láìrojú. Oníṣẹ́ fi SBU sí 01, ó fi SNU sí 16, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Òjò oṣù keje dé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan bátìrì ku ìdá 70 nínú 100. Bàbá mọ̀ pé kò ní tó wọn, wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Wákàtí méjì ni jẹnẹrétọ̀ fi ké. Bátìrì kò gòkè, ńṣe ló tún ń wálẹ̀. Wọ́n pa á, wọ́n sùn. Ní aago mẹ́rin ìdájí, ilé ṣókùnkùn. Wọ́n tún tan jẹnẹrétọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ìnfátà gbà á, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, iná ń rẹ̀ ń tàn, ìnfátà sì já a sílẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá lọ pààrọ̀ àfáà jẹnẹrétọ̀.

Àfáà kò ṣe nǹkankan. Nínú SBU, níwọ̀n ìgbà tí ilé bá wà lórí bátìrì, sólà nìkan ló lè ṣáàjì. Iná ìta lè wà lẹ́nu ọ̀nà, ìnfátà kò ní ṣílẹ̀kùn fún un àfi tí fóòtì bátìrì bá já wálẹ̀ dé iye tó wà ní nọ́ńbà 12. Wọ́n fi tibẹ̀ sílẹ̀ ní 46 tí ẹ̀rọ bá dé. Ní 46, bátìrì lítíọ́ọ̀mù onísẹ́ẹ̀lì 16 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ pàápàá lè ti ilẹ̀kùn kí ìnfátà tó mọ̀. Ìyẹn ni ti aago mẹ́sàn-án. Ti aago mẹ́rin yàtọ̀: nọ́ńbà 11, tó ń dí iye ámpíà tí ṣáájà lè fà láti ìta, wà ní 60. Ẹ fi 60 lọ́po 54 fóòtì, ó ju 3,200 wáàtì lọ, kí a tó ka fíríìjì. Jẹnẹrétọ̀ wo ni yóò gbé e nínú 2,500?

A mú 11 wálẹ̀ sí 30. Ìyẹn ń fa bíi 1,800 wáàtì pẹ̀lú ohun tí ṣáájà ń fi ṣòfò, 400 tí ilé ń lò sì ráyè lórí rẹ̀. Wákàtí méjì ń dá bí ìdá 60 padà sínú bátìrì. A gbé 12 sí 50, a fi 13, iye tí ilé fi ń padà sórí bátìrì, sí 54. Kí ẹ má ṣe fi àwọn méjèèjì súnmọ́ra o. Bí ṣáájà bá bẹ̀rẹ̀, fóòtì a fò sókè, ilé a padà sórí bátìrì, fóòtì a tún já. Ẹ ó máa gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́ nínú ìnfátà: rílẹ̀ rẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀. A sì fi 16 sí CSO, kí NEPA má baà bá oòrùn du bátìrì lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, a dá a padà sí SNU, torí oòrùn díẹ̀ tó yọ lójú kò ní jẹ́ kí CSO gba iná ìta.

Ó ku ti aago mẹ́sàn-án. Ọwọ́ ènìyàn nìkan ló lè yanjú rẹ̀ lórí irú ìnfátà yìí. Bí bàbá bá fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ kí bátìrì tó wálẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ yí 01 sí UTI, wọn yóò sì dá a padà sí SBU nígbà tí wọ́n bá pa á. A kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, lédè Yorùbá. Ìyá ló ń ṣe é báyìí.

Alága ti ń wo aago, mo rí i. Omi àti áyọ́ọ̀nù, aago méjìlá ọ̀sán ni kí ẹ máa lò wọ́n, kí ẹ má dúró de jẹnẹrétọ̀. Bí wáyà bá so bátìrì mọ́ ìnfátà tí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ fi ìdá nínú 100 dípò fóòtì: bíi 25 fún 12, 70 fún 13.

Àwọn ìnfátà kan ní ojú ọ̀tọ̀ fún jẹnẹrétọ̀, wàhálà UTI yìí kò sí lára wọn. Ti nọ́ńbà 03: bí ìnfátà bá ń já jẹnẹrétọ̀ tó dára sílẹ̀ láìsí ẹrù tó wúwo, ẹ yí i láti UPS sí APL, yóò gba fóòtì tó ń mì díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ wo kọ̀ǹpútà tó wà nínú ilé náà, torí ní APL ìnfátà ń pẹ́ díẹ̀ ju ti UPS lọ kí ó tó yí sórí bátìrì, òun ni yóò sì kọ́kọ́ kú bí iná ìta bá já.