Ẹ̀rọ Káàdì àti Kọ́kọ́rọ́ Inú Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ní Auburn Bay, Calgary)

Ẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tí a fi ń gba owó káàdì. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ṣí ilé oúnjẹ kékeré ní àdúgbò wa níhìn-ín, àwa tí a bá wọn ṣètò rẹ̀ sì fi ojú ara wa rí i.

Ẹ̀rọ àlòkù ni wọ́n kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó tàn, ó mú íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò gba kọ́bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú ẹ̀rọ yìí tí ojú kò rí. Nọ́ńbà gígùn ni, òun ni ẹ̀rọ fi ń sọ nọ́ńbà àṣírí oníbàárà di àdììtú kí ó tó rán an jáde. Ilé iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó káàdì ló ń fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ síbẹ̀, ilé iṣẹ́ mìíràn kò sì lè lò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá tú ẹ̀rọ náà, yóò pa kọ́kọ́rọ́ náà rẹ́ fúnra rẹ̀. (Ọmọkùnrin wọn ti fẹ́ tú u, a bẹ̀ ẹ́ kó fi sílẹ̀.)

Nítorí náà, àkáǹtì oníṣòwò ló ń ṣáájú ẹ̀rọ. Kì í ṣe àkáǹtì tí a ń fi owó pamọ́ sí. Ilé iṣẹ́ náà ń gba owó lọ́dọ̀ báńkì oníbàárà, ó ń yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, ìyókù ló sì ń bọ́ sí báńkì yín. Ó bèèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò, ìwé ìdánimọ̀, ṣẹ́ẹ̀kì tí a kọ VOID sí, àti iye tí oníbàárà kan yóò máa san. Ìyá wa fẹ́ kọ $15, nítorí ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín. A ní kí wọ́n má gbàgbé oúnjẹ ìsọmọlórúkọ, tó lè tó $2,000 lẹ́ẹ̀kan. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá dé láìsọ tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ lè dá a dúró láti wádìí, nígbà tí ẹlẹ́ran ń retí owó tirẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, ẹ̀gbọ́n kan fi káàdì ìgbàwìn kàn án lórí, $1. APPROVED. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Àṣé a yára jù, nítorí káàdì tí a kàn fi kan ẹ̀rọ lórí báyìí kò bèèrè nọ́ńbà àṣírí, kò sì dán kọ́kọ́rọ́ yẹn wò rárá. A wá ki káàdì Interac ti báńkì bọ inú rẹ̀, a tẹ nọ́ńbà àṣírí, kò gbà. A tún fi káàdì ẹlòmíràn ṣe é, bákan náà. A pe ilé iṣẹ́, ó ní kọ́kọ́rọ́ ni kò pé, ó sì fi ẹ̀rọ mìíràn ránṣẹ́.

Lórí èyí, a ta $1 lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú Interac àti nọ́ńbà àṣírí. A dá ọ̀kan padà sórí káàdì náà gan-an, kí ìyá wa lè mọ bí a ti ń ṣe é kí oníbàárà tó bínú dé. A fi ìkejì sílẹ̀, nítorí bí a bá dá méjèèjì padà, kò sí ohun tí yóò dé báńkì. A wo rìsíìtì bóyá orúkọ ilé oúnjẹ ló wà níbẹ̀, a sì ti ìṣirò ọjọ́ náà pa. Lọ́jọ́ iṣẹ́ kejì, dọ́là náà wọ báńkì, ó dín díẹ̀ nítorí owó iṣẹ́. Ní Sátidé, wọ́n ṣílẹ̀kùn.