Ìdí Tí Omi Fi Ń Mú Irin Le

Àwa tí a dàgbà ní Iléṣà mọ ìró náà láti kékeré. Alágbẹ̀dẹ fi ẹmú yọ ọ̀bẹ pupa nínú iná, ó rì í sínú omi, omi sì hó ṣààà. Wòlíì Aísáyà sọ ti alágbẹ̀dẹ ní orí 44, ṣùgbọ́n omi kan ṣoṣo tí ó dárúkọ níbẹ̀ ni èyí tí ọkùnrin náà kò rí mu. Nítorí náà, a ó fi ara wa wádìí omi tí ó wà nínú àgbá.

Bí a bá ki ọ̀bẹ pupa yẹn bọ eérú, kí ó tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí fáìlì yóò fi jẹ ẹ́. Bí a bá rì í sínú omi, fáìlì yóò yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé orí awo ni. Irin kan náà ni, iná kan náà sì ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú irin tí èédú inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 8 nínú 1,000. Èédú yìí kò ṣe é fi ojú rí. Nígbà tí irin bá gbóná kọjá dígírì 727 ti Sẹ́ńtígíréèdì, èédú a yọ́ sínú rẹ̀ bí iyọ̀ ti í yọ́ sínú ọbẹ̀. Orúkọ irin ní ipò yìí ni ọ́sítẹ́náìtì, òòfà kì í sì í lè gbé e. Bí ooru bá relẹ̀ ju 727 lọ, irin kò fẹ́ gba èédú mọ́. Bí àyè bá wà, èédú a rìn kúrò, a kó ara rẹ̀ jọ, irin náà a sì di pẹlẹbẹ tínrín-tínrín: ọ̀kan rọ̀, èkejì le, wọ́n tò léra lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ni páláìtì.

Iṣẹ́ yìí gba àkókò, àkókò náà ni Davenport àti Bain wọ̀n ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1930. Wọ́n mú irin kéékèèké tí ó tínrín, wọ́n mú wọn gbóná, wọ́n sì jù wọ́n sínú ìwẹ̀ gbígbóná tí ooru rẹ̀ kò yí padà. Wọ́n yọ ọ̀kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, òmíràn lẹ́yìn mẹ́wàá, òmíràn lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún, wọ́n ń rì wọ́n sínú omi bí wọ́n ti ń yọ wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n dán ojú wọn, wọ́n fi awò wò ó bí ó ti pọ̀ tó tí ó ti yí padà kí omi tó kàn án. Nígbà tí wọ́n ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, tí ooru wà lóròó, tí àkókò wà níbùú, ìlà náà rí bí lẹ́tà C.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Nítòsí 727, irin kò tí ì ní ìkánjú láti yí padà. Ní ìsàlẹ̀ níbi tí ó tutù, ìkánjú wà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èédú ti wúwo. Ní àárín, nítòsí 540, méjèèjì pàdé, páláìtì sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó kọjá dáadáa. Ibẹ̀ ni a ń pè ní imú ìlà náà. Ohun tí ó ń hù ní ìsàlẹ̀ imú, bí a bá dì í mú níbẹ̀ pẹ́, ni wọ́n fi orúkọ Bain pè ní béénáìtì.

Iṣẹ́ omi kò ju pé kí ó mú irin kọjá níwájú imú yìí kí páláìtì tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Bí ó bá ti kọjá, tí ó dé nǹkan bí 220, èédú há síbẹ̀. Irin yí ara rẹ̀ padà lójijì láì jẹ́ kí ó jáde, ó sì fẹ̀ díẹ̀. Èyí ni máténsáìtì, tí a fi orúkọ Martens ará Jámánì pè. Kì í ṣe dídúró pẹ́ ni ó ń mú un pọ̀, bí kò ṣe kí ooru túbọ̀ relẹ̀.

Láti ibí yìí ni a ti mọ ohun tí ń ba iṣẹ́ jẹ́. Irin tí ó nípọn, ara rẹ̀ a tètè tutù, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ a pẹ́, a sì bọ́ sí imú: òde le, inú rọ̀. Bí a bá dì í mú jẹ́ẹ́ nínú omi, ooru omi a bò ó bí aṣọ. Nítorí náà alágbẹ̀dẹ a máa jù ú síwá sẹ́yìn. Sípíríìnì ọkọ̀ ní àwọn nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ tí ó sún imú lọ sí ọ̀tún, nítorí náà òróró tó fún un. Bí a bá rì í sínú omi, a lè gbọ́ kíní kan tí ó dún táì, ẹnu àdá á sì ti ya.

Ọ̀pá irin ìkọ́lé, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Òṣogbo fi irin Aládjà rọ ní àwọn ọdún 1980, yàtọ̀ sí èyí. Èédú inú rẹ̀ kéré púpọ̀, imú rẹ̀ sún mọ́ òsì jù, bí a tilẹ̀ bá sì ré e kọjá, èédú tí ó há kò pọ̀ tó láti mú un le bí fáìlì. Ẹni tí ó bá fi rọ ọ̀bẹ, kí ó má dá omi lẹ́bi.

A gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú pé ìwé 1930 náà jẹ́ ti irin tí a dì mú ní ooru kan. Nínú àgbá omi, ooru kì í dúró, nítorí náà ìlà náà a sún díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àti sí ọ̀tún, a sì ní àyè díẹ̀ sí i.

Ọ̀bẹ tí ó jáde nínú omi báyìí le, ṣùgbọ́n ó gán. Bí ó bá já bọ́ sórí òkúta, ó lè ṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ a fi òkúta ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi dán, a sì gbé e padà sí ẹ̀bá iná. Àwọ̀ koríko gbígbẹ a kọ́kọ́ yọ nígbà tí ooru bá tó bí 230, lẹ́yìn náà àwọ̀ ilẹ̀, lẹ́yìn náà àwọ̀ aró nítòsí 300. Fún ọ̀bẹ ìdáná, bí àwọ̀ ilẹ̀ bá ti dé ẹnu rẹ̀, ó yẹ kí ó kúrò lẹ́bàá iná.