Oníbàárà Ní Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Ọjà Rẹ Ṣi Òun Lọ́nà: Báwo Lo Ṣe Máa Tún Un Ṣe?

Lónìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí Wasáàpù àti Instagíráàmù la fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Olùgbọ́ wa kan ló fi ohùn ránṣẹ́. Ó ń ta páwà báǹkì. Ohun tó kọ sábẹ́ ọjà náà nínú kátálọ́ọ̀gù rẹ̀ ni pé: “20,000mAh. Ó ń ṣáàjì fóònù ní ìgbà márùn-ún.” Oníbàárà kan wá kọ̀wé sí i pé, “Àǹtí, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni fóònù mi kún tí nǹkan yín fi kú. Fóònù 5,000mAh ni mò ń lò o. Ṣé kì í ṣe pé ẹ tà mí ní fàyàwọ́?” Nígbà yẹn, èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti rà á, àwọn mẹ́rin míì ti sanwó ṣùgbọ́n ọjà wọn kò tíì dé ọwọ́ wọn. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, bí òun bá yí ọ̀rọ̀ náà padà, kí ni àwọn tó ti rà á máa rò?

Ká tó dáhùn, ta ló jàre? Ẹ yí páwà báǹkì yín sẹ́yìn, ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀. Nínú tirẹ̀, 20,000mAh 3.7V ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ Rated Capacity: 12,000mAh 5V. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti bátìrì tó wà nínú. Ṣùgbọ́n 5V ló ń gba wáyà jáde sí fóònù, àyípadà yẹn sì máa ń jẹ nínú iná náà, ó ń di ooru. Nítorí náà, 12,000mAh lohun tó ń jáde. Ẹ sọ ọ́ di 5V, ó jẹ́ 60Wh. Fóònù 5,000mAh ń gbà tó 19Wh kó tó kún. Ẹ pín 60 sí 19: ẹ̀ẹ̀mẹta àti díẹ̀. Oníbàárà jàre. Ọjà náà kì í sì í ṣe fàyàwọ́; ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ṣì. “Ìgbà márùn-ún” yẹn, wọ́n kàn fi 20,000 pín sí 4,000 ni, bíi pé gbogbo iná inú ló ń dé inú fóònù.

Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ló yí padà, ọjà kò yí padà. Bí ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé rí “ìgbà mẹ́ta” níbi tó ti rí “ìgbà márùn-ún” lóṣù tó kọjá, kò ní mọ̀ pé ìṣirò lẹ tún ṣe. Á rò pé ẹ ti gbé èyí tí kò lágbára tó tàbí ti àwọn fàyàwọ́ wá. Ẹlòmíì á tún rò pé tòun ṣì jẹ́ onígbà márùn-ún, kó wá máa bá yín jà pé tòun ti bà jẹ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán ojú fóònù, kí ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà hàn nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ ó nílò rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ ṣèlérí ẹ̀ẹ̀meje. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú kátálọ́ọ̀gù, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà kọ lójú ibi tó wà. Ẹ má pa ọjà náà rẹ́ kẹ́ ẹ tún un gbé síta bíi tuntun, ẹ má sì yí orúkọ tàbí nọ́ńbà rẹ̀ padà, torí ìyẹn gan-an ló ń sọ fún èèyàn pé ọjà míì nìyí. Ẹ wo fọ́tò pẹ̀lú o. Ọ̀pọ̀ ló ń tún ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ṣe, tí “5X” gbàgàdà á ṣì wà lójú fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ tuntun tí a bá a kọ nìyí: “Bátìrì inú: 20,000mAh. Èyí tó ń jáde: 12,000mAh (5V). Ó ń ṣáàjì fóònù 5,000mAh ní nǹkan bí ìgbà mẹ́ta.” Ẹ ṣàkíyèsí pé a dárúkọ irú fóònù. Láìsí ìyẹn, “ìgbà mẹ́ta” náà á tún ṣi ẹlòmíì lọ́nà.

Nísàlẹ̀ pátápátá, kì í ṣe lókè, ni àkíyèsí wà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà á kò nílò ìtàn kó tó mọ ohun tó ń rà. A kọ ọ́ báyìí:

“Àtúnṣe ọ̀rọ̀, 9 Oṣù Kẹfà: Ṣáájú ọjọ́ yìí, a kọ ọ́ síbí pé ó ń ṣáàjì fóònù ní ìgbà márùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀; nǹkan bí ìgbà mẹ́ta ni fún fóònù 5,000mAh. Ọjà náà kò yí padà, ọ̀kan náà ni èyí tí a tà tẹ́lẹ̀ àti èyí tí à ń tà báyìí. Bí ẹ bá rà á ṣáájú 9 Oṣù Kẹfà, tí ẹ sì fẹ́ dá a padà, ẹ kọ̀wé sí wa kó tó di 23 Oṣù Kẹfà.”

Ẹ wò ó, ó sọ ọjọ́, ó sọ ohun tó yí àti ohun tí kò yí, ó sì sọ ẹni tó kàn. Èmi ò fẹ́ràn “a ti ṣe àtúnṣe díẹ̀” yẹn rárá. Ó ń da ọkàn èèyàn rú ju kéèyàn dákẹ́ lọ.

Àmọ́ kátálọ́ọ̀gù nìkan kò tó. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà ṣì wà nínú Wasáàpù gbogbo ẹni tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí, àtẹ̀jíṣẹ́ kò sì ṣeé tún kọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Àwọn mẹ́rin tí ọjà wọn kò tíì dé lẹ máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ọlọ́kadà tó gbéra, torí àwọn ṣì lè ní “ẹ dá owó mi padà” láìsí wàhálà ọjà tí wọ́n ti tú. Lẹ́yìn náà lẹ wá kọ sí àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ má lo broadcast list: kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀, ọ̀pọ̀ oníbàárà ẹlẹ́ẹ̀kan kì í sì í fi í pamọ́. Ẹ kọ ọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣé gbogbo wọn á fẹ́ dá a padà? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lò tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn á kàn dúpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá lágbára àtidá owó odidi padà, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ lè ṣe. Ẹ sì má gbàgbé pé òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà kò fàyè gba ọ̀rọ̀ tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà, àjọ FCCPC ló sì ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹni tó mú ẹjọ́ wá, ẹ dá a lóhùn ṣáájú gbogbo ayé, kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ tuntun náà hàn án. Àkíyèsí ìsàlẹ̀ yẹn ní tiẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ títí ọjọ́ ìdápadà á fi kọjá, tí kò sì sí ẹni tó ń béèrè mọ́. Bí ẹ bá gbé páwà báǹkì ti ilé iṣẹ́ míì wá lọ́la, ẹ ṣí ojú ìwé tuntun fún un.