Ohun tí ìpolówó àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ lè sọ

Ká ní ilé ìwòsàn kan n'Ìbàdàn fẹ́ wọn ìfúnpá fáwọn ará àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Akọ̀wé wọn wá kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé: “Ẹ wá ṣàyẹ̀wò, kẹ́ ẹ bọ́ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀!”

Ìlérí yẹn ju agbára ẹ̀rọ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ògiri iṣan lásìkò náà ni ẹ̀rọ ń wọ̀n. Kì í wo àìsàn sàn.

Ẹ wo ìyá oníṣòwò kan tó sáré ti ọjà dé, tó ń mí hẹlẹ. Wọ́n wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀: 152 lórí 94. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kò ní sọ pé àrùn ti dé. Yóò ní kí màmá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n gbé apá lé tábìlì, kó tó tún un wọ̀n. Bó bá ṣì dé 140 lórí 90, màmá á padà wá lọ́jọ́ mìíràn, torí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó gbọ́dọ̀ ga bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ 2 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Èyí tó yẹ ní kíkọ nìyí: “A ó wọn ìfúnpá yín lọ́fẹ̀ẹ́ ní Sátidé. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo kò tó láti mọ̀ bóyá ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó bá ga, a ó júwe ibi tẹ́ ẹ máa lọ. Oògùn kò sí lára ọ̀fẹ́ náà. Ẹ má dá èyí tẹ́ ẹ ń lò dúró.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe kókó. Ẹni tó ń loògùn lè rí 120 lórí 80, kó rò pé òun ti bọ́, nígbà tó jẹ́ pé oògùn náà gan-an ló lè máa mú un wálẹ̀.